Àyè Igun àti Ìyẹ̀ ní Mìlímítà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Oníṣẹ́ Irin

Àwọn wẹ́dà, àwọn tọ́nà àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Adó-Èkìtì ló máa ń bi mí ní ìbéèrè wọ̀nyí léraléra. Férémù ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀, nítorí òun la máa ń ṣe jù. Férémù ẹ̀gbẹ́ méjì ló ní, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Irin ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mìlímítà 500, ọ̀pá ìdúró rẹ̀ méjèèjì ga ní mìlímítà 750, irin òkè sì tún jẹ́ mìlímítà 500. Irin ìdábùú kan wà ní gíga mìlímítà 620 láti ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ ni a ń de bíárìn mọ́. Láti bíárìn òsì dé ti ọ̀tún jẹ́ mìlímítà 600, ṣáfùtù ló so wọ́n pọ̀.

Kí ni "90° ± 0.5°" tí wọ́n kọ sórí àwòrán ń sọ fún mi?

Ó ń sọ pé ọ̀pá ìdúró gbọ́dọ̀ wà ní sìkúwéà pẹ̀lú irin ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fún ọ láyè. Bí igun náà bá jẹ́ dígírì 89.5, wọ́n á gbà á. Bí ó bá jẹ́ 90.5, wọ́n á gbà á. Tó bá ti kọjá ìwọ̀nyí, iṣẹ́ náà kò bá àwòrán mu mọ́.

Ohun tí àkọlé yìí kò sọ ni iye mìlímítà tí orí ọ̀pá lè fi yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà. Bẹ́ẹ̀, mìlímítà ni tépù wa ń kà, mìlímítà náà sì ni ihò bóòtù mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ sọ àyè igun di mìlímítà kí a tó gé irin kankan.

Báwo ni mo ṣe máa sọ dígírì di mìlímítà?

Nǹkan méjì péré lo nílò: àyè igun náà, àti bí ibi tí ọ̀rọ̀ kàn ṣe jìnnà tó sí ìdí igun. Ìdí igun ni ibi tí irin méjèèjì ti pàdé. Ìṣirò náà nìyí, L ni jíjìnnà ní mìlímítà, a ni àyè igun ní dígírì, d sì ni ìyẹ̀:

```
d = L × tan(a)
```

Fún bíárìn wa, L jẹ́ 620, a jẹ́ 0.5. Tan 0.5° jẹ́ 0.008727. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 620, ìdáhùn á jẹ́ 5.41. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwòrán yẹn gbà kí bíárìn yẹ̀ síwájú ní mìlímítà 5.41, tàbí kó yẹ̀ sẹ́yìn ní iye kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì rí wí sí i.

Kí ló dé tí àyè kan náà kò léwu lórí irin kúkúrú, tó sì ń ba irin gígùn jẹ́?

Nítorí pé igun máa ń ṣí bí ó ṣe ń lọ. Wo ìlẹ̀kùn tí o rọra ṣí díẹ̀: lẹ́bàá ìnsì, àlàfo rẹ̀ kò tó ìka, ní etí kejì, ọwọ́ odindi lè kọjá. Igun kan náà ni níbi méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pá wa. Ní mìlímítà 100 láti ìdí igun, ààbọ̀ dígírì jẹ́ mìlímítà 0.87 péré. Ní 620, ó ti di 5.41. Ní orí ọ̀pá, ní 750, ó ti di 6.55.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé "ààbọ̀ dígírì kò tó nǹkan", bi í pé ní gígùn mélòó.

Láti ibo ni mo ti ń wọn L? Ṣé gbogbo gígùn irin ni?

Rárá, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. L bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igun, ó sì parí sí ibi tí ohun tó ṣe pàtàkì wà. Ọ̀pá wa ga ní 750, ṣùgbọ́n bíárìn kò sí ní orí rẹ̀, 620 ni ó wà. Bí o bá fi 750 ṣe ìṣirò, wàá rò pé ìyẹ̀ bíárìn jẹ́ 6.55, wàá sì fi tipátipá gé àyè kù níbi tí kò pọn dandan.

Ìdàkejì rẹ̀ ló burú jù. Bí a bá so apá kan mọ́ orí ọ̀pá tí apá náà sì tún ga kọjá rẹ̀, bí irú èyí tí a fi ń gbé ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ sí dúró, L gbọ́dọ̀ dé ìparí apá yẹn. Igun tó yẹ̀ nísàlẹ̀ kò mọ̀ pé ọ̀pá àkọ́kọ́ ti parí.

Kò sí bọ́tìnì tan lórí fóònù mi. Kí ni kí n ṣe?

Fi 57.3 pín. Ní jíjìnnà mìlímítà 57.3, dígírì kan jẹ́ mìlímítà 1. Nítorí náà pín L sí ọ̀nà 57.3, kí o sì fi dígírì rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Fún bíárìn wa: 620 pín sí 57.3 jẹ́ 10.82, ìlàjì rẹ̀ jẹ́ 5.41. Ìdáhùn kan náà ni.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe àbùjá tí ń parọ́, bí igun bá ṣáà kéré. Ní dígírì 3, ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti tan kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ní dígírì 10 ni ó tó fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀, kò sì sí àyè igun tó tó dígírì 10 lórí àwòrán tó bójú mu.

Èmi fúnra mi máa ń gbé iye mìíràn sórí: dígírì kan jẹ́ mìlímítà 17.5 lórí mítà kan. Mo lè fi ìyẹn ṣe ìṣirò lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ọwọ́ mi kún fún gíríìsì.

Wọ́n kọ ± 30′. Ṣé dígírì 0.30 nìyẹn?

Rárá o. Àmì kékeré yẹn dúró fún mínítì. Mínítì 60 ló wà nínú dígírì kan, bí ó ṣe wà nínú wákàtí kan. 30′ jẹ́ dígírì 0.5. Bí o bá kà á sí 0.30, bíárìn wa á dà bí ẹni pé ó ní àyè mìlímítà 3.25 nígbà tó jẹ́ 5.41 ni. Tí o bá sì kọ dígírì 0.30 fún ẹlòmíràn, tí òun kà á sí 30′, ó ti fi àyè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì fún ara rẹ̀.

Fún mínítì, fi 3438 pín dípò 57.3:

```
d = L × mínítì / 3438
```

Lórí mítà kan, mínítì kan jẹ́ mìlímítà 0.29.

Ìṣirò mi ń mú nǹkan tí kò ṣeé gbà jáde. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Wo bí ẹ̀rọ ìṣirò rẹ ṣe ń ka igun. Ọ̀nà mẹ́ta ló lè gbà kà á, DEG, RAD àti GRAD. DEG ni dígírì. Bí ó bá wà lórí RAD, tan 0.5 á jẹ́ 0.546, bíárìn rẹ á sì ti yẹ̀ ní mìlímítà 339. Èyí kò léwu púpọ̀, nítorí pé ojú lásán á rí i pé kò lè rí bẹ́ẹ̀.

GRAD ni kí o bẹ̀rù. Lórí rẹ̀, ìdáhùn fún bíárìn wa á jẹ́ 4.87 dípò 5.41. Iye yẹn jọ òótọ́, kò sì sí ẹni tí yóò fura. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò kankan, tẹ tan 45. Bí kò bá fún ọ ní 1 gééré, má ṣe lò ó.

Bí ó bá jẹ́ inú ṣíìtì ìṣirò kọ̀ǹpútà ni o ti ń ṣe é, RAD ni òun mọ̀. O gbọ́dọ̀ yí dígírì padà fún un. Níbí, A2 ni L, B2 ni dígírì:

```
=A2*TAN(RADIANS(B2))
```

Ó yẹ kí n lo sin dípò tan, àbí?

Ọ̀pá tó yẹ̀ kò gùn sí i, òun ló fà á tí àwọn kan fi ń sọ pé sin ló tọ̀nà. Wọ́n ní ìdí. Ṣùgbọ́n lórí 620 àti ààbọ̀ dígírì, ìyàtọ̀ sin àti tan kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan. Lo èyí tó bá wù ọ́.

Mo mọ iye mìlímítà tí mo lè gbà. Àyè igun mélòó ni kí n kọ?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí gbogbo ayàwòrán iṣẹ́ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀. Yí ìṣirò náà padà:

```
a = arctan(d / L)
```

Ihò tó wà ní ẹsẹ̀ bíárìn wa gùn díẹ̀, ó lè jẹ́ kí a sún un síwájú tàbí sẹ́yìn ní mìlímítà 3. Ìyẹn ni d. 3 pín sí 620 jẹ́ 0.00484, arctan rẹ̀ sì jẹ́ dígírì 0.277, tàbí mínítì 16.6. Nítorí náà ± 0.5° tó wà lórí àwòrán kò lè gbé iṣẹ́ yìí. Férémù kan lè bá àwòrán mu pátápátá kí bóòtù má sì wọlé.

Mo máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ sí mínítì 15, tí í ṣe dígírì 0.25. Lórí 620, ìyẹn jẹ́ mìlímítà 2.71. Ó ṣẹ́ ku díẹ̀ fún àṣìṣe ẹni tó lu ihò, nítorí òun náà kò lè lù ú síbi gan-an.

Férémù kọ̀ọ̀kan wà láàárín àyè tí àwòrán fún wa, síbẹ̀ ṣáfùtù há. Kí ló fà á?

Nítorí pé férémù méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní àyè tirẹ̀. Bí ti òsì bá yẹ̀ síwájú ní 5.41, tí ti ọ̀tún yẹ̀ sẹ́yìn ní 5.41, bíárìn méjèèjì ti fi mìlímítà 10.8 jìnnà síra. Ṣáfùtù tó gùn ní 600 láàárín wọn á dábùú ní igun dígírì kan àti díẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú àwọn méjèèjì tó wẹ́ẹ̀dì wọn.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. A ṣe ẹ̀rọ kan, a yẹ férémù kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀, a rí i pé ó dára, a sì gbé e fún oníbàárà. Ṣáfùtù yí, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì kò dúró lórí púlì, bíárìn kan sì ń gbóná ju èkejì lọ. Nígbà tí a na okùn láti iwájú férémù kan sí èkejì la tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a kì í wẹ́ẹ̀dì férémù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A máa ń dè wọ́n pọ̀ lórí ara wọn pẹ̀lú kíláǹpù, a ó fi wẹ́ẹ̀dì kán wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ máa yẹ̀, ìhà kan náà ni wọ́n á yẹ̀ sí. Ìyẹ̀ kan náà níhà kan náà kò yọ ṣáfùtù lẹ́nu.

Báwo ni mo ṣe máa wọn ìyẹ̀ náà ní ṣọ́ọ̀bù, láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá?

Gbé sìkúwéà lé irin ìsàlẹ̀, kí o sún un kan ọ̀pá ìdúró, kí o wá wo àlàfo tó wà lẹ́nu sìkúwéà. Bí ẹnu rẹ̀ bá gùn ní mìlímítà 300, ààbọ̀ dígírì á fún ọ ní àlàfo 2.62 níbẹ̀. Mínítì 15 á fún ọ ní 1.31. Fílà géèjì tàbí ẹ̀yìn bíìtì dírílì tí o mọ ìwọ̀n rẹ̀ lè wọ àlàfo náà kó sọ iye rẹ̀ fún ọ.

Láti gbé e dé ibi bíárìn, sọ àlàfo náà di púpọ̀ pẹ̀lú 620, kí o pín in sí 300. Ohun tó yẹ kí o mọ̀ ni pé àṣìṣe ojú rẹ náà ń pọ̀ sí i ní ọ̀nà kan náà. Bí o bá ṣi àlàfo kà ní ààbọ̀ mìlímítà, ó ti di ju mìlímítà kan lọ ní ibi bíárìn, nígbà tí gbogbo àyè tí o ní kò ju 3 lọ. Sìkúwéà tí ẹnu rẹ̀ gùn dára ju kúkúrú lọ fún iṣẹ́ báyìí, kì í ṣe nítorí pé ó wọ́n.

Kí o sì rí i dájú pé sìkúwéà fúnra rẹ̀ tọ́. Gbé e lé etí pátákó tó tọ́, fa ìlà kan, yí i padà sí apá kejì, kí o tún fa ìlà mìíràn láti ibi kan náà. Bí ìlà méjèèjì bá ya ara wọn lókè, ìlàjì ohun tí wọ́n fi yà ni àṣìṣe sìkúwéà rẹ. Èyí tó ti jábọ́ lórí táìlì lẹ́ẹ̀kan, má gbà á gbọ́ láìdán an wò.

Ṣé mi ò lè fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó bóyá ọ̀pá dúró gangan?

O lè ṣe é, bí irin ìsàlẹ̀ bá tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa níhìn-ín kò tẹ́jú. Èkìtì kún fún òkè, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí wọ́n da kọnkéré wọn kí omi òjò lè ṣàn jáde. Ilẹ̀ tó fi sẹ̀ǹtímítà kan péré sọ̀kalẹ̀ lórí mítà kan ti dagun ní dígírì 0.57. Ìyẹn nìkan ti ju gbogbo àyè tí àwòrán fún ọ lọ.

Igun tó wà lórí àwòrán wà láàárín ọ̀pá àti irin ìsàlẹ̀, kò sí láàárín ọ̀pá àti ilẹ̀. Bí o bá fẹ́ lo lẹ́fẹ́ẹ̀lì, kọ́kọ́ fi pẹlẹbẹ irin tínrín gbé irin ìsàlẹ̀ títí ó fi tẹ́jú, kí o tó gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì sí ọ̀pá lára.

Ó wà ní sìkúwéà kí n tó wẹ́ẹ̀dì, ó yẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé àyè igun kan irú èyí?

Ó kàn án. Àwòrán kò béèrè bí irin ṣe rí nígbà tí o fi kíláǹpù dè é; bí ó ṣe rí nígbà tí ó ti tutù ló ń bèèrè. Wẹ́ẹ̀dì máa ń súnkì bó ti ń tutù, ó sì ń fa ọ̀pá sí apá ibi tí ó wà. Fi wẹ́ẹ̀dì kékeré kán igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn ìyẹ̀, kí o tó parí. Lẹ́yìn náà, wẹ́ẹ̀dì díẹ̀ ní apá kan, kí o bọ́ sí òdìkejì. Máa wọn ọ́n nígbà tí irin bá tutù, kì í ṣe nígbà tó ṣì ń gbóná.

Tí wọn ò kọ àyè igun kankan sórí àwòrán ńkọ́?

Wo ìsàlẹ̀ àwòrán níbi tí àkọlé wà. Bí o bá rí ISO 2768-m, tí í ṣe ìlànà àgbáyé kan fún àyè iṣẹ́, ó ní àyè tó bá igun kọ̀ọ̀kan wá, tí a ń yàn pẹ̀lú gígùn ẹsẹ̀ igun tó kúrú jù. Bí ẹsẹ̀ náà kò bá ju mìlímítà 10 lọ, àyè rẹ̀ jẹ́ dígírì 1. Láti 10 sí 50, ó jẹ́ mínítì 30. Láti 50 sí 120, ó jẹ́ mínítì 20. Láti 120 sí 400, ó jẹ́ mínítì 10. Tó bá ju 400 lọ, ó jẹ́ mínítì 5. Rí i bí àyè ṣe ń kéré bí irin ṣe ń gùn, kí ìyẹ̀ ní mìlímítà má baà gbòòrò jù.

Férémù wa, ẹsẹ̀ tó kúrú jù jẹ́ 500, nítorí náà mínítì 5 ni, mìlímítà 0.90 ní ibi bíárìn. Kò sí wẹ́dà tí yóò mú ìyẹn jáde lórí irin ańgùlù láìsí wàhálà ńlá, kò sì yẹ kí a béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé yẹn wà fún iṣẹ́ léètì àti mílìn jù. Fún iṣẹ́ wẹ́ẹ̀dì, ISO 13920 ló bá a mu. Lábẹ́ kíláàsì B rẹ̀, ẹsẹ̀ tó wà láàárín 400 sí 1000 ní àyè mínítì 30. Lábẹ́ kíláàsì A, ó jẹ́ mínítì 15. Ẹ rí i pé ààbọ̀ dígírì tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ jẹ́ kíláàsì B gan-an, nígbà tí ohun tí bíárìn wa nílò jẹ́ kíláàsì A. Bí mo bá ń ya àwòrán férémù yìí lónìí, ISO 13920-A ni mo máa kọ sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ṣé mo lè fi ìdábùú igun-dé-igun méjèèjì férémù yẹ̀ ẹ́ wò?

O lè ṣe é, ó sì yá ju sìkúwéà lọ. Fa tépù láti igun òkè òsì sí igun ìsàlẹ̀ ọ̀tún, kí o tún fà á láti òkè ọ̀tún sí ìsàlẹ̀ òsì. Bí férémù bá wà ní sìkúwéà, méjèèjì á dọ́gba. Bí ó bá yẹ̀ ní igun a, ìyàtọ̀ wọn á jẹ́:

```
D = 2 × w × h × sin(a) / √(w² + h²)
```

Níbí, w jẹ́ 500, h jẹ́ 750, ìdábùú fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 901. Fún ààbọ̀ dígírì, D jẹ́ mìlímítà 7.3. Fún mínítì 15, ó jẹ́ 3.6. Nítorí náà mo máa ń kọ ọ́ sára ògiri fún àwọn ọmọṣẹ́: bí ìdábùú méjèèjì bá fi ju mìlímítà mẹ́ta àbọ̀ lọ yàtọ̀, ẹ tú u. Èyí rọrùn fún wọn ju kí wọ́n máa ronú igun lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní ìkùnà kan tó burú. Bí ọ̀pá méjèèjì bá yẹ̀ síta, ọ̀kan sí òsì, ọ̀kan sí ọ̀tún, ní iye kan náà, ìdábùú méjèèjì á ṣì dọ́gba gééré, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí igun kan tó wà ní sìkúwéà. Ní ààbọ̀ dígírì, orí férémù á ti fi mìlímítà 13 gbòòrò ju ìsàlẹ̀ lọ. Nítorí náà kọ́kọ́ wọn fífẹ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀. Bí àwọn yẹn bá dọ́gba, tí ọ̀pá méjèèjì sì ga bákan náà, ìgbà yẹn ni ìdábùú tó ní nǹkan tòótọ́ láti sọ fún ọ.

Igun mi kì í ṣe 90. Ìrọ̀ ẹnu ẹ̀rọ, ìyẹn bí ó ṣe dagun, jẹ́ dígírì 60. Ṣé ìṣirò kan náà ni?

Ìṣirò náà kò yí padà, bí o bá ń wọn ìyẹ̀ ní ọ̀gangan sí ojú irin náà. Ká ní pẹlẹbẹ ẹnu ẹ̀rọ gùn ní mìlímítà 400 lórí ìrọ̀ rẹ̀, ó sì fi dígírì 60 dúró sí irin tó tẹ́jú, pẹ̀lú àyè dígírì kan. Etí òkè rẹ̀ lè yẹ̀ ní mìlímítà 6.98 kúrò lójú rẹ̀.

Wàhálà ni pé kò sẹ́ni tó ń wọn ọ́n báyìí. Gíga ni wọ́n ń wọ̀n, tàbí bí etí náà ṣe yọ síta tó. Ìyẹ̀ 6.98 yẹn máa ń pín sí ìhà méjèèjì: gíga etí á yí padà ní nǹkan bíi mìlímítà 3.5, yíyọ síta rẹ̀ á sì yí padà ní nǹkan bíi 6. Bí o bá ń wọn gíga tí o sì ń retí 6.98, wàá gba irin tó ti kọjá àyè rẹ̀ ní ìlọ́po méjì.

Ó tún kù. Bí ó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni a ti so ìwọ̀n mọ́, tí a ní kí pẹlẹbẹ náà kan ọ̀pá tó dúró ní mìlímítà 200 sí ìdí igun, a ti bọ́ sínú ìṣirò mìíràn. Ní dígírì 60, ibi tí wọ́n ti pàdé ga ní 346.4. Ní 61, ó ti di 360.8. Ní 59, ó jẹ́ 332.9. Dígírì kan ti di mìlímítà 14, nígbà tí ẹni tó fi 200 ṣe L ń retí 3.5. Ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn, ìrọ̀ tó ga jù bẹ́ẹ̀ á tún burú jù bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò dọ́gba mọ́. Fún irú iṣẹ́ yìí, má ṣe lo ìlànà kúkúrú kankan. Ṣe ìṣirò igun méjèèjì tó wà ní ìparí àyè náà ní kíkún, kí o yọ wọ́n kúrò lára ti àárín.

Àwòrán kan kọ àmì ⊥ pẹ̀lú 0.2 dípò dígírì. Báwo ni mo ṣe máa fi wé àyè igun?

Àmì yẹn kò sọ̀rọ̀ dígírì rárá. Ó ń sọ pé gbogbo ojú irin náà gbọ́dọ̀ wà láàárín ojú pẹrẹsẹ méjì tó fi mìlímítà 0.2 jìnnà síra, tí àwọn méjèèjì sì wà ní sìkúwéà gan-an pẹ̀lú ìpìlẹ̀ tí wọ́n dárúkọ. Àyè igun máa ń ṣí bíi ẹnu sísọ́ọ̀sì. Èyí kì í ṣí, bákan náà ló fẹ̀ láti ìdí dé orí.

Tí o bá fẹ́ wá igun tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, pín 0.2 sí gígùn ojú irin. Bí ojú náà bá ga ní mìlímítà 80, arctan 0.2/80 jẹ́ dígírì 0.143, tàbí mínítì 8.6. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí tẹ̀ lé e ni bóyá ó yẹ kí a fi méjì pín 0.2 kí a tó ṣe ìṣirò, nítorí pé àyè igun ní ± níwájú. Kò yẹ. Ojú pẹrẹsẹ méjèèjì yẹn lè sún síwájú-sẹ́yìn, sìkúwéà nìkan ni wọ́n dè mọ́. Irin tó dagun síwájú ní 0.2 wọ inú wọn, èyí tó dagun sẹ́yìn ní 0.2 náà wọ inú wọn. Nítorí náà ⊥ 0.2 lórí 80 bá ± 8.6′ mu, kò bá ± 4.3′ mu.

Ìyàtọ̀ kan ṣì wà tí ìṣirò kò lè mú kúrò. Àmì ⊥ ń ka wíwọ́ irin mọ́ dídagun rẹ̀. Ojú tó wọ́ ní 0.15 ti ná púpọ̀ nínú 0.2 rẹ̀ kó tó dagun rárá. Àyè igun tí wọ́n kọ ní dígírì kò ka wíwọ́ sí, bí ojú irin lápapọ̀ ṣe kọjú ni ó ń wò. Bí oníbàárà bá fi àmì ⊥ ránṣẹ́ sí ọ, tí o sì fi igun nìkan yẹ iṣẹ́ náà wò, o lè gba irin tí òun yóò dá padà. Yí dígírì padà sí mìlímítà láti mọ bí iṣẹ́ náà ṣe le tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, sún dáyà géèjì, èyí tó ní ọwọ́ bíi ti aago, gba gbogbo ojú náà láti ìdí dé orí, kí o sì yọ iye tó kéré jù kúrò lára èyí tó pọ̀ jù.